Nọ́ńbà tí wọ́n kọ lé ara wọn nínú fọ́tò ìwé ìkajà

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń da iye ọjà kọ láti inú fọ́tò, ẹ má fi ojú nìkan mọ nọ́ńbà tí wọ́n kọ lé òmíràn lórí. Ẹ jẹ́ kí àpapọ̀ tó wà ní ìparí ìlà náà sọ èyí tó jẹ́. Ẹ wo ìlà mílíìkì: agolo 48 ló wà nínú páálí kan, iye páálí jọ 3, ó tún jọ 8, agolo tó dá wà jẹ́ 16, àpapọ̀ sì jẹ́ 400. Tó bá jẹ́ 3, 160 péré la máa rí. 8 ló gbé wa dé 400. Nínú Excel, bí iye páálí bá wà ní òpó B, tí agolo tó dá wà sì wà ní òpó C, ẹ fi èyí ṣírò àpapọ̀ ìlà kejì:

```
=B2*48+C2
```

Ìlà tí wọ́n bá fagi lé pátápátá, ẹ má fò ó. Ẹ kọ “wọ́n fagi lé e” síbẹ̀, torí fífò yẹn ló sábà máa ń jẹ́ kí iye ọjà kan bọ́ síwájú orúkọ ọjà mìíràn. Àmọ́ bí wọ́n bá tún àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kọ, ìṣirò yìí ò lè gbà yín: ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ pe ẹni tó ka ọjà náà.