Bí a ṣe ń kọ ìtọ́sọ́nà àtúnṣe fọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi áàpù tó ń gba ọ̀rọ̀ tún fọ́tò ṣe, ẹ jẹ́ kí ìtọ́sọ́nà yín kúrú, ṣùgbọ́n kó ṣe kedere.

Ká ní ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò, méjì wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ọ̀kan ṣoṣo lẹ sì fẹ́ yí padà. Bí ẹ bá kọ “yí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù padà,” ó lè kun méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Yí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ọkùnrin tó wà ní apá òsì fọ́tò sí àwọ̀ eérú. Jẹ́ kí ìwúnjọ aṣọ àti òjìji rẹ̀ dúró. Fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà.”

“Apá òsì fọ́tò” ni o, kì í ṣe “ọwọ́ òsì rẹ̀,” torí ẹni tó kọjú sí wa, òsì tirẹ̀ ni ọ̀tún wa. Bí ẹ kò bá dárúkọ ìwúnjọ àti òjìji, aṣọ náà lè rí pẹlẹbẹ bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún. Ẹ má sì fi “jẹ́ kó rẹwà” kún un rárá. Ojú onítọ̀hún ló sábà máa ń yí padà bí ẹ bá fi kún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ fọ́tò náà lójú, kí ẹ ka bọ́tìnnì àti ìka ọwọ́, kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Bó bá bàjẹ́, orí fọ́tò àkọ́kọ́ ni kí ẹ padà sí. Àtúnṣe lórí àtúnṣe máa ń jẹ́ kí ojú èèyàn yí díẹ̀díẹ̀.