Kí Ẹ Tó Gbé Oògùn Túúlu Mì

Ní Òṣogbo, láti Ọjà Ọba títí dé Ìgbóná, ẹni tí orí bá ń fọ́ kì í rìn jìnnà kó tó rí kẹ́mísì. Parasitamọ́ọ̀lù, ibuporofénì, oògùn ìyẹ̀fun tó ní asipirínì nínú, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Àwọn oògùn tí ìwé yìí dá lé lórí yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni tiripitáànì, tí wọ́n ń lò nígbà tí túúlu bá ti dé. Èkejì ni oògùn ìdènà, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kí túúlu má baà máa dé lemọ́lemọ́. Méjèèjì wúlò gan-an, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yẹ ká rà láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.

Túúlu kì í ṣe ẹ̀fọ́rí lásán. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ló sábà máa ń mú, á máa lù kì-kì-kì. Èébì a máa gbé èèyàn, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo a máa ni ín lára, bó bá sì dìde láti ṣiṣẹ́, ìrora náà á tún le sí i. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4, ó sì lè gba odindi ọjọ́ 3.

Iṣan kan wà nínú orí wa tó ń gbé ìmọ̀lára ojú àti ti awọ tó bo ọpọlọ. Bí túúlu bá bẹ̀rẹ̀, iṣan yìí á tú àwọn èròjà kan jáde tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ ìtòsí rẹ̀ wú, kí ibẹ̀ sì máa ta èèyàn. Tiripitáànì á fún òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú náà padà, á sì dá iṣan yẹn dúró kó má tú èròjà jáde mọ́. Nínú àwọn tiripitáànì, sumatiripitáànì ló kọ́kọ́ dé ọjà, ní 1991, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù títí di òní. Nítorí pé iṣẹ́ túúlu ni wọ́n ṣe é fún, kò lè wo ẹ̀fọ́rí ibà tàbí ẹ̀yìn dídùn.

Ibi tó ti ń ṣe iṣẹ́ rere náà ni ewu rẹ̀ wà. Oògùn tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ orí lè fún ti ọkàn náà díẹ̀. Ẹni tí òpó ọkàn rẹ̀ dára lè rí i pé àyà tàbí ọrùn òun le fún ìgbà díẹ̀, yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí òpó ọkàn rẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọkàn rẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fún ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò sì tíì rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀jẹ̀ wa ń ru tí a kò mọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Òkè-Baálẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 43, tó ń yan gààrí. Bí èéfín igi bá ti bò ó lójú ní ọ̀sán, túúlu dé nìyẹn, á sì fi agbada sílẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 8 lóṣù kan. Aládùúgbò kan wá sọ fún un pé, "Ìyá, oògùn kan wà tó máa ń ká a kúrò ní wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kí n bá yín rà á." Ó yẹ ká dúpẹ́ pé kò rà á. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Asúbíàrò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru dé 170 lórí 105. Ká ní ó ti gbé sumatiripitáànì mì lọ́jọ́ náà, àyà rẹ̀ ni ì bá fi í wéwu.

Dókítà bi í ní ìbéèrè mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í retí: ọjọ́ mélòó lóṣù ló ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí? Ó ní ó ń lọ sí 20. Ìdáhùn yìí ṣe pàtàkì gidi. Ẹni tó bá ń lo parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuporofénì fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó lé ní oṣù 3, oògùn náà gan-an lè di ohun tó ń fọ́ ọ lórí. Ti tiripitáànì tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ 10 lóṣù ti pọ̀ jù. Ẹ lè fura bí ẹ bá ń jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, tó ń rọlẹ̀ lẹ́yìn oògùn, tó sì tún ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Dókítà ní kó dín oògùn ẹ̀fọ́rí kù, ó fún un ní amilodipíìnì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì bẹ̀rẹ̀ puropuranolọ́ọ̀lù, milígíráàmù 40 láàárọ̀ àti 40 nírọ̀lẹ́, láti dènà túúlu. Kó tó kọ ọ́, ó bèèrè bóyá ó ní ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní ásímà, torí puropuranolọ́ọ̀lù lè há ọ̀nà èémí mọ́ ẹni tó ní in. Fún ẹlòmíràn tí kò rí oorun sùn dáadáa, amitiripitilíìnì díẹ̀ lálẹ́ lè dára jù, bó tilẹ̀ ń gbẹ ẹnu. Topiraméètì àti falipuroéètì náà wà, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, nítorí náà ẹ má ṣe gba ti ẹlòmíràn lò.

Kò sí oògùn ìdènà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ó tó ọ̀sẹ̀ 8 ní ìwọ̀n tó péye kí a tó lè sọ pé ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Bí túúlu bá dín sí ìdajì, ó ti ṣe é nìyẹn. Ìyá náà ń fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà lára ògiri ní gbogbo ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ, àti ọjọ́ tó bá lo oògùn. Lẹ́yìn oṣù 3, ọjọ́ 8 ti di 3, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti di 132 lórí 84. Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ó mọ́. Ìgbà yẹn ni dókítà tó kọ sumatiripitáànì fún un.

Ó ní kó gbé milígíráàmù 50 mì bí ìrora bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá le. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ bá kọ́kọ́ ń tàn lójú rẹ̀ kí orí tó fọ́, kó dúró kí ìrora dé. Bí ó bá lọ tó sì padà, ó lè lo òmíràn lẹ́yìn wákàtí 2. Bí èyí àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́ rárá, kó má lo èkejì fún túúlu yẹn. Kó má kọjá 200 láàárín wákàtí 24. Bí àyà bá há tí kò tú, tàbí apá kan ara kú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹ̀fọ́rí tó dédé le jù tí ẹ kò ní irú rẹ̀ rí, tàbí tí ibà àti ọrùn líle bá a rìn.

Bí puropuranolọ́ọ̀lù bá kù díẹ̀ kó tán, ẹ tètè lọ gba òmíràn. Ẹ má dá a dúró lójijì, torí ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù kíkankíkan. Dókítà ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in díẹ̀díẹ̀.