Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Ṣáàtì Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Pósítà Lárúbáwá àti Yorùbá

Ṣáàtì ẹ̀yà ara tí a sábà máa ń rí lára ògiri kíláàsì ní Òṣogbo, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Olùkọ́ ilé-kéwú tó bá fẹ́ irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ á fi fóònù yà á, á yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Lárúbáwá àti Yorùbá, á sì gbé e tọ àwọn tó ń tẹ̀wé lọ, bóyá ní Òkè-Fìà tàbí nítòsí Ọláìyá. Iṣẹ́ tó dáa ni, mo sì fẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé pósítà lè dán, kí àwọ̀ rẹ̀ sì wu ojú, kí Lárúbáwá inú rẹ̀ má ṣeé kà rárá. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì mọ lẹ́tà dáadáa ló máa jókòó síwájú rẹ̀ ní gbogbo ọdún. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ló máa gbà pé ó tọ́.

Ṣáàtì ẹ̀yà ara yìí ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀.

Má ṣe sọ fọ́tò di pósítà

Kí a lè ka ọ̀rọ̀ inú ṣáàtì ni a ṣe ń yà á. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń mú fọ́tò yẹn gan-an, wọ́n á fi àwọ̀ funfun bo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, wọ́n á wá kọ Lárúbáwá lé e lórí. Ibi tí wọ́n bò á ya àwọ̀ ọ̀tọ̀, òjìji ẹni tó ya fọ́tò á hàn lórí àyà àwòrán, eékún rẹ̀ á sì wọ́ nítorí pé fóònù dà gẹ̀rẹ́ nígbà tí wọ́n yà á. Ó sàn kí ẹnì kan tó mọ àwòrán yà tún ara èèyàn náà yà sórí ìwé funfun. Ìyẹn náà ni kò ní sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ láàárín ìwọ àti ẹni tó ni ṣáàtì.

Bí o bá sì máa lo fọ́tò tàbí àwòrán tí o yà, má fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tẹ̀wé lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán, nítorí WhatsApp máa ń dín in kù. Fóònù tó ń ya píkísẹ́lì 4000 sí 3000 lè gbé pósítà A2 tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá kù sí 1600 kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé, ó máa ṣú bàìbàì. Fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, tàbí kí o gbé e lọ nínú fíláàṣì.

Má gba ọ̀rọ̀ tí fóònù bá kọ́kọ́ fún ọ

Ọ̀rọ̀ orí ṣáàtì máa ń dá dúró ni. Kò sí gbólóhùn tó yí i ká, nítorí náà ohun èlò ìtumọ̀ inú fóònù kò mọ̀ pé ara èèyàn ni a ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àtẹ́lẹwọ́ àti fún igi ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún èékánná àti ìṣó. Ọ̀kan náà ni fún ọmọlójú àti ọmọ ilé-ìwé, ọ̀kan náà sì ni fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun àti ọmọ màlúù. Lárúbáwá ya gbogbo wọn sọ́tọ̀. Bó ṣe máa ń rí ni pé ọfà á tọ́ka sí ìka ọwọ́, a ó sì rí مسمار tí í ṣe ìṣó níbi tó yẹ kí ظُفْر wà. Ọfà á tọ́ka sí ojú, تلميذ á wà níbẹ̀ dípò بُؤْبُؤ. Ẹni tó ń tẹ̀wé kò gbọ́ Lárúbáwá, kò lè mọ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti mọ̀ rèé, kò sì gba ìṣẹ́jú kan: da ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà kọ sínú ibi tí a ti ń wá àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá kọ نخلة tí oko ọ̀pẹ sì bo ojú fóònù rẹ, o ti mọ̀ pé kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Kọ راحة اليد, wàá rí ọwọ́ tó là. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kódà èyí tó dá ọ lójú.

Níbẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àmì òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ti wọlé. Fóònù kì í sábà fi àmì wọ̀nyẹn sí i. Àgbàlagbà tó ti kéwú jìnnà lè máà nílò wọn, ṣùgbọ́n wo ẹsẹ̀ lórí ṣáàtì wa: رجل. Láìsí àmì, ọmọ lè kà á sí رِجْل, tí í ṣe ẹsẹ̀, ó sì lè kà á sí رَجُل, tí í ṣe ọkùnrin. Àwòrán ọkùnrin sì ni ó wà níwájú rẹ̀! Ọmọ tó kà á sí ọkùnrin kò ṣẹ̀, pósítà ló ṣì í lọ́nà. Fi gbogbo àmì sí i fún àwọn ọmọ kékeré.

Ọ̀ràn kan náà wà ní apá Yorùbá, a sì máa ń fojú kéré rẹ̀ nítorí pé èdè wa ni. Bí o bá kọ “ese” láìsí àmì, ọmọ ilé-kéwú tó ń gbọ́ wáàsí lójoojúmọ́ lè kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kí o kọ. Bí fọ́ǹtì tí ẹni tó ń tẹ̀wé fẹ́ lò bá ń ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó ń fi àpótí kékeré rọ́pò lẹ́tà, ní kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Charis SIL àti Noto Sans gbé Yorùbá dáadáa, Amiri àti Noto Naskh Arabic sì gbé Lárúbáwá pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Má fi “orí” dán kọ̀ǹpútà wò

Èyí ló ń ba pósítà jẹ́ jù. Lẹ́tà Lárúbáwá máa ń so mọ́ra, ọ̀tún ni a sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn tó ń ṣe kádì àti bánà ń lò, pàápàá èyí tó ti pẹ́ tàbí tí wọn kò tò fún Lárúbáwá, kò mọ èyí. Bí o bá kó بطن, tí í ṣe ikùn, sínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ó lè já a sí wẹ́wẹ́, kí ó sì dojú rẹ̀ rú, kí ó jáde báyìí: ن ط ب. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Ohun tí kì í jẹ́ kí a tètè rí i ni pé orí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí ṣáàtì ẹ̀yà ara, etí sì máa ń wà nítòsí rẹ̀. Wo رأس, wo أذن. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, kò sí lẹ́tà kankan tó so mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí pé lẹ́tà bíi ر àti ا àti ذ kì í so mọ́ èyí tó wà lósì wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá kàn já wọn láì dojú wọn rú, kò sí ohun tó máa yí padà lójú. Olùkọ́ á wo òkè pósítà, á ní ó dáa, á sanwó. Ó di ìgbà tó bá kàn án mọ́ ògiri kó tó rí i pé ikùn ti fọ́, èjìká ti fọ́, ojú ti fọ́. Nítorí náà, بطن, كتف àti عين ni kí o kọ́kọ́ wò, torí pé gbogbo lẹ́tà inú wọn ló gbọ́dọ̀ so pọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí o má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tẹ̀wé tún Lárúbáwá tẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ nínú Word. Fi Lárúbáwá kún èdè tí kọ̀ǹpútà rẹ mọ̀, kí o sì tẹ Ctrl pẹ̀lú Shift ọwọ́ ọ̀tún kí ìlà náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Má kọ Lárúbáwá àti Yorùbá sórí ìlà kan náà, nítorí nọ́ńbà àti àmì àkámọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìlà tirẹ̀ ni kí o fún èdè kọ̀ọ̀kan. Bí orí àwọn àmì òkè bá ń gé, lọ wo ibi tí a ti ń to àyè àárín ìlà: bí ó bá wà lórí Exactly, gbé e sí Single.

Lẹ́yìn náà, fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bí PDF, PDF yẹn nìkan sì ni kí o gbé lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi CorelDRAW ṣí i, ó máa bi wọ́n bóyá kí ó kó ọ̀rọ̀ wọlé bí Text tàbí bí Curves. Sọ fún wọn pé Curves ni. Lẹ́tà á di àwòrán, kò sì ní lè já mọ́. Àlébù rẹ̀ ni pé bí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀, wọn kò lè tún un kọ. Wàá padà sídìí Word ni. Kìlọ̀ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má fa lẹ́tà jìnnà síra kí ọ̀rọ̀ lè kún àyè, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àkọlé Gẹ̀ẹ́sì.

Má yí àwòrán ara sódì

Nítorí pé ọ̀tún ni Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan máa ń yí gbogbo àwòrán padà bíi ti inú dígí. Ara èèyàn kò gba ìyẹn. Èèyàn tó kọjú sí wa, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀tún tirẹ̀, ìyẹn ní òsì àwa tí à ń wò ó, ọkàn rẹ̀ sì tẹ̀ sí òsì tirẹ̀. Bí o bá yí i, ẹ̀dọ̀ á ṣí kúrò láyè rẹ̀, ọwọ́ tí o kọ ọ̀tún sí á sì di òsì. Fi àwòrán sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o to orúkọ Lárúbáwá sí apá ọ̀tún ìwé, Yorùbá sí apá òsì.

Ṣáàtì tó ń sọ ìtẹ̀lé, bíi ẹyin ẹ̀fọn títí ó fi di ẹ̀fọn, yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, àwọn àwòrán ni wàá tún tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún, pẹ̀lú ọfà wọn.

Kí wọ́n tó tẹ A2, jẹ́ kí wọ́n tẹ A4 kan fún ọ. Fi ìwé bo àwòrán àti Yorùbá, kí o wá fún ààfáà mìíràn tí kò bá ọ ṣe iṣẹ́ náà láti ka Lárúbáwá rẹ̀ sókè, kí ó sì fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ lára òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti rò lórí rẹ̀ kó tó kà á, fa ìlà sí i. Ìgbà tí kò bá sí ìlà kankan mọ́ ni kí o jẹ́ kí wọ́n tẹ èyí tó tóbi, kí wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó.