Bí mo ṣe kọ 1/3 ní báínárì tí kò sì tán

Báínárì ni kíkọ nọ́ńbà pẹ̀lú 0 àti 1 nìkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kó mi sí i. Ó ní, "Bọ̀dá, mo ti kọ 13 ní báínárì. Ẹ wò ó, 1101. 1/3 wá ńkọ́?" Mo ní ìyẹn ò le, mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí a máa ń ṣe fún odidi nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ ṣe: fi 2 pín in, kọ ìyókù sílẹ̀, tún un pín, kó o wá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo fi 2 pín 1/3, ó di 1/6. Mo tún pín in, ó di 1/12. Kò sí ìyókù kankan láti kọ, ṣe ló kàn ń kéré sí i. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé òdìkejì là ń ṣe fún ohun tó bá wà lẹ́yìn póìǹtì. Àyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ jẹ́ ti ìdajì, èkejì ti ìdámẹ́rin, ẹ̀kẹta ti ìdámẹ́jọ. Nítorí náà, ìlọ́po méjì là ń ṣe: tó bá pé odidi 1, ìdajì wà nínú rẹ̀ nìyẹn, kọ 1; tí kò bá pé, kọ 0.

Ìlọ́po méjì 1/3 jẹ́ 2/3. Kò pé, mo kọ 0. Ìlọ́po méjì 2/3 jẹ́ 4/3. Ó pé, mo kọ 1. Àfi bí mo ṣe gbàgbé láti yọ odidi 1 yẹn kúrò, mo sọ 4/3 di 8/3, ó ku díẹ̀ kí n kọ 2. Báínárì ò sì ní 2! Tí 2 bá yọjú sí yín níbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn, odidi kan wà tí ẹ ò yọ. Mo yọ ọ́, ó wá rí báyìí:

```
1/3 × 2 = 2/3    0
2/3 × 2 = 4/3    1
1/3 × 2 = 2/3    0
2/3 × 2 = 4/3    1
```

Ibi tí mo ti gbéra ni mo padà dé. 0.010101, lọ títí.

"Ṣé kò ní tán ni?" Mo ní kó gbé búrẹ́dì orí tábìlì wá. Èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ pín in, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wa kò mọ̀ ju kó la nǹkan sí méjì ọgbọọgba. Ó là á sí méjì, ó tún la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ó di mẹ́rin, a mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Ó la ìyẹn náà sí mẹ́rin, ẹyọ kan tún ṣẹ́ kù. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, èérún ló ń gé, ẹyọ kan ṣì wà nílẹ̀. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1/4 + 1/16 + 1/64, ìyẹn 0.328125. Ó ń sún mọ́ 1/3, kò sì ní dé ibẹ̀ láé, torí èèyàn mẹ́ta náà ló tún fẹ́ pín ẹyọ kan tó bá ṣẹ́ kù.

Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi 3 pín 4, 16 tàbí 64, 1 ló máa ń ṣẹ́ kù. Ẹ fi pín 10, 100 tàbí 1000, 1 náà ni, òun ló fà á tí 1/3 fi ń jẹ́ 0.333 lọ́dọ̀ wa. Kò sí 3 nínú 2, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú 10, tó jẹ́ 2 lọ́nà 5. Kódà ká fi ogún kà á bíi ti àwọn bàbá wa tó ń sọ ogójì àti ọgọ́ta, 2 àti 5 yẹn náà ló wà nínú 20: àyè àkọ́kọ́ á jẹ́ 6, èkejì 13, á tún di 6, á tún di 13.

Ọmọ náà ní ká kúkú máa fi mẹ́ta kà. Òótọ́ ni, 1/3 á di 0.1 péré. Mo ní kó wá kọ ìdajì. Ìlọ́po mẹ́ta ìdajì jẹ́ 1 àti ààbọ̀. Ó kọ 1, ìdajì ṣẹ́ kù. Ó tún kọ 1. Ó gbé báírò sílẹ̀.

Iye yòówù kéèyàn máa fi kà, ẹ fi 1 kún un, kí ẹ sì fi ohun tó jáde pín 1: kò ní tán. Lórí 10, 1/11 jẹ́ 0.090909. Lórí 2, 1/3 ni. Bẹ́ẹ̀, 11 ni wọ́n ń kọ 3 ní báínárì! 1/11 kan náà la ń kọ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. 9 tó tóbi jù nínú tiwa ló di 1 tó tóbi jù nínú tiwọn.

Mo ṣí Python láti wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é:

```python
>>> (1/3).hex()
'0x1.5555555555555p-2'
>>> (0.1).hex()
'0x1.999999999999ap-4'
```

Mẹ́rìndínlógún ni `hex` fi ń kà, àmì kan lẹ́yìn póìǹtì níbẹ̀ sì jẹ́ àyè mẹ́rin ní báínárì; `p-2` ní ká fi 2 pín in lẹ́ẹ̀mejì. 0101 ni 5 kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàlá péré ló kọ kó tó gé e. 0.1, tó tán lọ́dọ̀ wa, kò tán níbẹ̀, torí 5 wà nínú 10, kò sì sí nínú 2. 10 ni `a` tó wà nípẹ̀kun yẹn, 9 ló sì yẹ kó jẹ́; ibi tó ti gé e ló ti fi díẹ̀ kún un.