Bí A Ṣe Ń Yan Fótò Tí Yóò Ṣíwájú Ìpolówó Ilé

Ẹni tó ń wá ilé ní Abẹ́òkúta lórí fóònù kì í kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀. Fótò kékeré kan ló máa rí láàárín ọ̀pọ̀ fótò kékeré mìíràn, ohun tó bá sì rí nínú rẹ̀ ló máa fi pinnu bóyá òun á tẹ̀ ẹ́ tàbí òun á kọjá. Iye owó ilé, orúkọ àdúgbò, àwọn fótò yòókù, ẹ̀yìn fótò kan yẹn ni gbogbo wọn wà. Mo ti rí ilé tó dára ní Ìbarà àti ní Adátán tó ṣófo fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé géètì ni onílé fi ṣíwájú ìpolówó rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa fi fótò àwọn yàrá wéra títí ẹ ó fi mọ èyí tó yẹ kó ṣíwájú ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Yíya fótò fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ gbálẹ̀, ẹ kó garawa àti bàtà kúrò, ẹ ká kọ́tìnnì, ẹ dúró sí igun yàrá, kí ẹ sì ya gbogbo fótò ní ìbú. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ nu ojú kámẹ́rà. Etí ànkárá tó ti gbó ni mo fẹ́ràn jù fún un, torí tíṣù máa ń fi eruku sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé fóònù àwọn kò dára, ọ̀rá ìka ló sì wà lójú kámẹ́rà. 1x ni kí ẹ lò. Ẹ má fọwọ́ kan 0.5x: ó máa ń fa ẹ̀gbẹ́ yàrá gùn, yàrá kékeré á wá dà bíi gbọ̀ngàn, ẹni tó bá wá wò ó á sì gbà pé wọ́n fẹ́ tan òun jẹ ni.

Mi ò ra sítáǹdì fóònù. Sítúùlù gíga kan àti ìwé nípọn díẹ̀ tó mi, kí ojú kámẹ́rà ṣáà wà ní nǹkan bíi gíga àyà. Sítúùlù kan náà pẹ̀lú ìwé kan náà ni mò ń gbé wọ gbogbo yàrá. Ìdí ni pé bí a bá ya pálọ̀ láti òkè, tí a ya ilé ìdáná láti ìsàlẹ̀, a kò lè fi méjèèjì wéra dáadáa mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, ọ̀sán ni mo máa ń yà á, lẹ́yìn aago 2, nígbà tí oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé náà. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, àárọ̀ ni mo máa ń yà á, láàárín aago 9 sí 11. Bí oòrùn bá wọlé tààrà, yóò fi àmì funfun kan sórí táìlì, kámẹ́rà á sì sọ gbogbo ìyókù yàrá di dúdú. Ẹ pa gílóòbù. Bí iná aláwọ̀ ìyeyè bá pàdé ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn á dà bí èyí tí èéfín ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ jù ni ìfiwéra: bí ẹ bá ya yàrá kan ní àkókò tó yẹ ẹ́, tí ẹ ya èkejì ní àkókò tí kò yẹ, oòrùn lẹ fi wéra, kì í ṣe yàrá. Bí èkejì bá pàdánù, ẹ kò mọ̀ bóyá òun ló burú àbí aago tí ẹ yà á. Ẹ padà lọ yà á kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ìfiwéra gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bàjẹ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti rọra ṣe. Bí onílé ṣe sábà máa ń ṣe é ni pé yóò ṣí fótò kọ̀ọ̀kan kó kún ojú fóònù, yóò máa fi ìka ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, yóò sì mú yàrá tó náwó lé jù. Ó náwó lórí àjà pálọ̀, nítorí náà pálọ̀ ló máa mú. Ó mọ bí pálọ̀ yẹn ṣe gbòòrò tó, torí ó ti rìn nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó láti Èkó kò tíì rìn nínú rẹ̀ rí, fótò nìkan ló ní. Ohun tí fótò kò bá fi hàn, kò sí fún un.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń ṣe ẹ̀dà fótò kọ̀ọ̀kan, èyí tó dára jù nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń gé ẹ̀dà náà kí ìbú àti ìdúró rẹ̀ dọ́gba, torí pé bẹ́ẹ̀ ni Marketplace ti Facebook ṣe máa ń fi fótò hàn nígbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan kiri. Fótò tí a yà ní ìbú ní 4:3 máa ń pàdánù ìdá kan nínú mẹ́jọ ní apá òsì, ó sì máa ń pàdánù iye kan náà ní apá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ pé etí fótò ni wọ́dúróòbù wà, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má fi fótò tí a kò tíì gé wéra, nítorí pé kì í ṣe òun ni ayálégbé máa kọ́kọ́ rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ dín in kù lójú fóònù títí ó fi kéré tó ìka àtàǹpàkò méjì tí a tò pọ̀. Méjì méjì ni kí ẹ máa fi wéra. Bí ẹ bá to márùn-ún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú á kàn lọ sórí èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Ẹ wá ẹnì kan tí kò tíì wọ ilé náà rí, kì í ṣe ìyàwó yín, kì í ṣe bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi fótò hàn án fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń kọjá lára ìpolówó, ẹ gba fóònù, kí ẹ wá bi í pé: "Yàrá wo nìyẹn? Kí lo rí níbẹ̀?" Ẹ má bi í pé èwo ló dára jù. Bó bá jẹ́ àbúrò yín, yóò ní, "Gbogbo rẹ̀ ló dára, ẹ̀gbọ́n," yóò sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún yín, ẹ kò sì rí ìdáhùn gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Ìdí-Aba. Fótò márùn-ún ló wà nílẹ̀: ojú ilé, pálọ̀, yàrá ńlá, ilé ìdáná, bálùwẹ̀.

Ojú ilé àti pálọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ gbé síwájú ara wọn. Ilé náà wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé Abẹ́òkúta, kámẹ́rà sì ń wo òkè láti títì. Nígbà tó di kékeré, fẹ́ǹsì àti òrùlé páánù aládùúgbò tó ti dípẹtà ló gba gbogbo rẹ̀. "Géètì ni," ni ẹni tí mo bi máa sọ. Ojú ilé jáde nínú ìdíje. Bí Olúmọ bá tilẹ̀ hàn láti ojú fèrèsé, ẹ má fi òun náà ṣíwájú. Yàrá ni èèyàn ń sanwó fún, àpáta yẹn lè tẹ̀ lé e ní ẹ̀yìn.

Pálọ̀ àti yàrá ńlá ló kàn. Pálọ̀ ṣófo: táìlì funfun, ògiri funfun, àjà funfun. Ní kékeré, kò sí ohun tí ojú lè dì mú, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa mọ̀ bó ṣe tóbi tó. Yàrá ńlá ní wọ́dúróòbù ní igun, òun ló borí. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ṣì ṣeé tún yà. Mo gbé àga onírọ́bà kan sí ọ̀nà jíjìn, nítòsí ògiri ìkángun, mo sì dúró sí igun ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ bí àga onírọ́bà ṣe tóbi tó, nítorí náà òun ló ń sọ fún ojú bí pálọ̀ ṣe gbòòrò. Ẹ kò nílò láti yá sófà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn àtúnyà, ìdáhùn di "Pálọ̀ ni, ó tóbi." Ní ti yàrá ńlá, ìlàjì wọ́dúróòbù rẹ̀ nìkan ni gígé ti fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ borí.

Pálọ̀ àti ilé ìdáná ló ṣòro jù. Ilé ìdáná há, ẹni tó sì yà á dúró sínú rẹ̀, nítorí náà gígé mú síńkì lọ. Mo jáde sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, mo ṣílẹ̀kùn tán pátápátá, mo sì yà á láti ìta tí kọ́bọ́ọ̀dù, síńkì àti fèrèsé fi wà láàárín fótò. Ìdáhùn rẹ̀ ni: "Kíṣìnnì ni, kọ́bọ́ọ̀dù wà, síńkì wà, ó mọ́lẹ̀." Ó rí ohun mẹ́ta níbi tó ti rí ẹyọ kan ní pálọ̀. Kí n tó gbà, mo ṣí ojú ibi tí ìpolówó náà máa wà, mo wo àwọn ilé tí owó wọn súnmọ́ tiwa ní àdúgbò kan náà. Pálọ̀ òfìfo ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣíwájú. Ilé ìdáná ló máa dá yàtọ̀ láàárín wọn. Òun ló ṣíwájú, pálọ̀ tẹ̀ lé e, yàrá ńlá, bálùwẹ̀, ojú ilé sì gbẹ̀yìn.

Bálùwẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni díje níbí, torí mi ò jẹ́ fi tólẹ́ẹ̀tì ṣíwájú láéláé, bí táìlì rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n nìkan ni mo yọ sílẹ̀: ẹ ya yàrá náà tí ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ fi wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èèyàn rí i pé kò ní bá ẹlòmíì pín in.

Fótò tó borí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti fúláàtì tí ẹ fẹ́ gbà ayálégbé sí gan-an, kì í ṣe ti òkè rẹ̀ tí ó jọ ọ́, kì í sì í ṣe èyí tí ẹ yà kí ayálégbé àtijọ́ tó kó wọlé. Ẹni tó ń bọ̀ wò ó máa wọ ọkọ̀, éjẹ́ǹtì míì sì tún máa gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí omi òjò bá ti yàwòrán sí àjà, ẹ tún un ṣe, tàbí kí ẹ jẹ́ kó hàn.

Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fi ń ránṣẹ́, fótò mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ló máa hàn bí wọ́n bá pọ̀, nọ́ńbà sì máa bo ẹ̀kẹrin. Ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí tó borí nígbà tí ẹ bá ń yàn wọ́n, kí ẹ sì tẹ HD kí ó má baà rí bàìbàì.

Bí ìpolówó bá ti jáde, ẹ fetí sí ohun tí àwọn tó ń pè ń bèèrè. Bí wọ́n bá ń pè gan-an, tí wọ́n sì ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà, fótò yín ti ṣèlérí ju bí ilé ṣe rí lọ. Ẹ gbé èyí tó tẹ̀ lé e síwájú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pè, ẹ yí fótò aṣíwájú nìkan padà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fọwọ́ kan iye owó, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan náà tí ìpè sì dé, ẹ kò ní mọ̀ bóyá fótò ló fà á tàbí owó tí ẹ dín.