Fisiotẹ́rápì Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Tó Ní Adójútòfò Ìlera ní Ẹ̀pẹ́

Ohun tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé lójijì ni pé adójútòfò lè san owó ibùsùn àti oògùn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, síbẹ̀ kí ó má tíì fọwọ́ sí fisiotẹ́rápì tí aláìsàn yóò máa ti ilé wá gbà. Èyí nílò lẹ́tà tirẹ̀ àti kóòdù tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí adójútòfò fi ń fọwọ́ sí ìtọ́jú, yálà Ìlera Èkó ni ẹ wà tàbí ètò mìíràn.

Kí wọ́n tó dá aláìsàn sílẹ̀, ẹ bẹ dókítà kí ó kọ lẹ́tà rìfẹ́ráà, kí ó sọ apá ibi tí àìsàn mú, ohun tí aláìsàn kò lè dá ṣe, àti iye ìgbà tó nílò. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù tí orúkọ yín wà, nítorí àwọn ni yóò béèrè kóòdù lọ́wọ́ adójútòfò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí kóòdù tó jáde, torí owó tí ẹ bá fi àpò ara yín san ṣòro láti gbà padà. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí àti ọjọ́ tí kóòdù yóò parí.

Ká ní wọ́n fún àgbẹ̀ kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ ní ìgbà 10. Kí ó lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara sábà máa ń tètè padà jù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà 8 ti lọ nìyẹn. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè àbọ̀ ìtọ́jú lọ́wọ́ oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì fún kóòdù tuntun, kì í ṣe ìgbà tí ìgbà 10 bá tán. Àbọ̀ tó ní “ó ti sàn díẹ̀” kò lágbára, èyí tó wúlò ni “ènìyàn méjì ló ń gbé e dìde tẹ́lẹ̀, ní báyìí ó ń dá dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún.”

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wọlé tẹ̀lé e, torí ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Láti dìde lórí àga, kí aláìsàn fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sábẹ́ orúnkún, kí ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ yóò fi kọjá orúnkún, kí ó tó dìde, kí ẹnìkan sì dúró nítòsí rẹ̀. Ẹ má ṣe fa apá tó rọ láti fi gbé e dìde láé! Èjìká lè yẹ̀. Bí ìka kan bá wọ àyè tó ṣófo lókè èjìká, ẹ sọ fún oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì kíákíá. Bí ó bá jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí sí abẹ́ apá náà.

Bí ẹnu rẹ̀ bá tún wọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tàbí tí orí fọ́ ọ gan-an lójijì, ẹ dá eré ìdárayá dúró, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ yín jù. Pàjáwìrì kì í dúró de rìfẹ́ráà tàbí kóòdù.