Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀: Mọ́dẹ́ẹ̀lì Yege Nínú Ìdánwò, Kámẹ́rà Dé, Ó Ń Ṣìnà

Bí mọ́dẹ́ẹ̀lì yín tó ń dá àwòrán mọ̀ bá gba 96 nínú 100 níbi ìdánwò, tó wá dé iwájú kámẹ́rà tó ń ṣi nǹkan pè, ẹ má tíì sáré lọ ya fọ́tò kún fọ́tò. Àṣìṣe tí mo rí jù láàárín àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Yábàá nìyẹn. Èmi náà ti ṣe é, ó sì jẹ wá ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Tòmátì là ń fi ẹ̀rọ ṣà ní Máìlì 12: èyí tó pọ́n, èyí tí kò tíì pọ́n, èyí tó ti rà. Fóònù la fi ya fọ́tò tí a fi kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì náà. Lọ́jọ́ tí a gbé kámẹ́rà kọ́ sókè tábìlì, ìyá tó ni ọjà gbé tòmátì pupa kan tó le dáadáa síbẹ̀, ẹ̀rọ ní ó ti rà. Ìyá wò mí lójú, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ohun tó o fẹ́ fi bá mi ṣa ọjà nìyí?” Ó dùn mí gan-an. La bá tún padà lọ ya fọ́tò púpọ̀ sí i. Máàkì ìdánwò gòkè, àmọ́ kámẹ́rà ò yí ohùn padà.

Ohun tó yẹ ká ti kíyè sí ni pé kì í ṣe gbogbo tòmátì ló ń ṣì. Èyí tí kò tíì pọ́n, ó ń mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn pupa nìkan ló ń sọnù. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan lára fọ́tò: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. PIL, tí a fi ń ṣí fọ́tò nígbà ìkọ́ni àti ìdánwò, máa ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀. OpenCV, tó ń gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà, búlúù ló ń fi ṣáájú, pupa ló ń kẹ́yìn. Àwọ̀ ewé wà láàárín fún àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí tòmátì tí kò tíì pọ́n fi bọ́. Tòmátì pupa wá di búlúù lójú mọ́dẹ́ẹ̀lì. Mọ́dẹ́ẹ̀lì kò rí tòmátì búlúù rí, bẹ́ẹ̀ ni a kò fún un láyè láti sọ pé “mi ò mọ̀”. Dandan ni kó mú ọ̀kan nínú mẹ́ta, ó sì lè mú un pẹ̀lú ìdánilójú ńlá.

Ẹ má sì fojú lásán yẹ̀ ẹ́ wò. A ṣe bẹ́ẹ̀, ó tàn wá. A fi `cv2.imwrite` tọ́jú àwòrán kámẹ́rà, a ṣí i, tòmátì pupa fòò! `cv2.imwrite` àti `cv2.imshow` mọ̀ pé búlúù ló ṣáájú, nítorí náà wọ́n á tò ó bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ tó rí i. Ohun tí ẹ rí kọ́ ni mọ́dẹ́ẹ̀lì rí.

Nọ́ńbà tó wọ inú mọ́dẹ́ẹ̀lì gan-an ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ mú àwòrán kan ṣoṣo láti ọwọ́ kámẹ́rà, ẹ gbé e gba ọ̀nà méjèèjì, ìyẹn kóòdù yín tó ń ṣètò àwòrán fún ìdánwò àti èyí tó ń ṣètò rẹ̀ fún kámẹ́rà, kẹ́ ẹ sì yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì:

```python
cv2.imwrite("a.png", frame)
x1 = ona_idanwo("a.png")
x2 = ona_kamera(frame)
print((x1 - x2).abs().max())
```

PNG ni kẹ́ ẹ lò, torí JPEG máa ń yí nọ́ńbà díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀nà méjèèjì bá dọ́gba, òdo lẹ máa rí, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Tiwa ju 3 lọ. A fi ìlà yìí kún inú `ona_kamera`:

```python
frame = cv2.cvtColor(frame, cv2.COLOR_BGR2RGB)
```

Ó wálẹ̀, kò dé òdo. Ohun tó kù ni bí a ṣe ń dín àwòrán kù. Níbi ìdánwò, a máa ń dín in kù láìyí ìrísí rẹ̀ padà, ká tó gé àárín rẹ̀ ní 224 sí 224. Lọ́dọ̀ kámẹ́rà, ẹnì kan kàn fún 1920 sí 1080 pọ̀ di 224 sí 224, tòmátì roboto wá rí gbọọrọ. Ẹ má ṣe kọ kóòdù tó ń ṣètò àwòrán lẹ́ẹ̀mejì. Kóòdù kan náà ni kí ìdánwò àti kámẹ́rà jọ máa pè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó yẹ máàkì 96 náà wò fúnra rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan la máa ń ya ní fọ́tò mẹ́wàá léra, tí a wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ ká tó pín in sí ti ìkọ́ni àti ti ìdánwò. Tòmátì kan náà wà nínú ìkọ́ni, ó tún wà nínú ìdánwò. Nígbà tí a fi ọjọ́ pín in, tí ọjà ọjọ́ kan ò sí ní apá méjèèjì, máàkì wálẹ̀ sí 88, iye yẹn ló sì jọ ohun tí a ń rí lórí tábìlì. Èyí tó ń ṣì nísinsìnyí, ọ̀sán ló pọ̀ jù, nígbà tí oòrùn bá gba inú tapólì búlúù kọjá bọ́ sórí ọjà. Fọ́tò irú wákàtí yẹn la wá ń yà báyìí, kámẹ́rà orí tábìlì fúnra rẹ̀ la sì fi ń yà á.